Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Da Omi Nù Tí Kò sì Fún Aṣọ

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé yín kọ̀ láti da omi nù, kò sì fún aṣọ. Ṣàlàyé bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pe alátùn-únṣe.

Ìmọ̀ràn: Irú ìbéèrè yìí kò béèrè àríyànjiyàn lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ó bá ka àròkọ rẹ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Nítorí náà, to àwọn kókó rẹ bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn gan-an, kí o sì sọ ìdí tí ọ̀kan fi ṣáájú èkejì.

Ìlapa-èrò

(a) Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde nínú ẹ̀rọ, àti ìdí tí ẹ̀rọ kì í fi í fún aṣọ nígbà tí omi bá wà nínú rẹ̀.
(b) Ohun tí etí lè sọ fún wa kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ.
(d) Bí a ṣe ń gbọ́n omi tí ó há sínú ẹ̀rọ.
(e) Asẹ́ pọ́ǹpù.
(ẹ) Rọ́bà ìdaminù.
(f) Súìṣì ìdérí.
(g) Ibi tí agbára wa mọ.

Àròkọ Àwòkọ́ṣe

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé mi dákẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora kan, gbogbo wọn sì rì sínú omi ọṣẹ. Ẹ̀rọ náà ti fọ aṣọ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yẹ kí ó da omi ìdọ̀tí nù kí ó sì fún aṣọ, ó kàn ń kùn ni, omi kò sì kúrò lójú kan. Alátùn-únṣe tí a kọ́kọ́ pè kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní pọ́ǹpù ti jóná, àfi kí a ra òmíràn. Iye tí ó dá lé e tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó wò títí di ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti mọ̀ pé pọ́ǹpù kò ṣẹ̀ rárá. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ.

Oríṣiríṣi ni ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti ilé mi ń ṣí láti òkè. Ó ní pọ́ǹpù tí ń ti omi jáde, ó sì ní ìlẹ̀kùn péńpé kan ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, tí asẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú ni tìrẹ ti ń ṣí, ohun tí n ó sọ nípa asẹ́ àti rọ́bà bá a mu pẹ̀lú. Kìkì pé kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí súìṣì ìdérí ń ṣe nínú tèmi. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí ń ṣí láti òkè tí wọn kò ní asẹ́ tí a lè tú láti ìta. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé ìtajà ni yóò fi ibi tí asẹ́ tìrẹ wà hàn ọ́.

Ó yẹ kí o mọ ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, nítorí ojú ọ̀nà náà ni a ó máa tọ̀ lọ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Nísàlẹ̀ agbọ̀n tí a ń kó aṣọ sí, ihò kan wà tí omi ń gbà ṣàn lọ sínú asẹ́. Iṣẹ́ asẹ́ ni láti gba bọ́tìnnì, owó wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ irun àti èéfọ́n òwú, kí wọn má baà bọ́ sínú pọ́ǹpù. Lẹ́yìn asẹ́ ni pọ́ǹpù wà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ń yí nínú rẹ̀, òun ni ó ń ti omi gun inú rọ́bà ìdaminù lọ sókè, títí omi yóò fi dà sínú ihò àgbàrá. Agbọ̀n, asẹ́, pọ́ǹpù, rọ́bà, àgbàrá: bí ọ̀kan nínú wọn bá dí, gbogbo iṣẹ́ dúró.

Kí ni èyí wá kan fífún aṣọ? Ó kàn án gidigidi. Ẹ̀rọ ní ohun tí ó fi ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Lítà omi kan wọn kílò kan. Bí ogójì lítà (40) omi bá kù nínú ẹ̀rọ, ẹrù ogójì kílò ni ìyẹn, yàtọ̀ sí aṣọ. Bí agbọ̀n bá fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yí bírí bí òòyì, ẹ̀rọ yóò fò kúrò lójú kan, yóò sì ba ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe é tí kò fi ní í fún aṣọ títí omi yóò fi lọ. Ẹ̀rọ tí a ń sọ pé kò fún aṣọ lè jẹ́ ẹ̀rọ tí kò rí omi dà nù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ omi ni kí o kọ́kọ́ yanjú.

Kí o tó tú ohunkóhun, fi etí sílẹ̀. Kọ́kọ́ rí i dájú pé iná dé délẹ̀, kò sì rẹlẹ̀, àti pé kì í ṣe pé ẹnì kan ti yí ẹ̀rọ sí ibi tí a ti ń sọ fún un pé kí ó fi omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ìdérí dé, kí o yí bọ́tìnnì sí ibi tí wọ́n kọ Spin sí, tàbí Drain bí ó bá wà níbẹ̀, kí o sì tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀. Bí o bá gbọ́ pé pọ́ǹpù ń kùn ṣùgbọ́n omi kò jáde, a jẹ́ pé iná ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, nǹkan ni ó dí ọ̀nà tàbí tí ó há abẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé súìṣì ìdérí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, tàbí kí iná má dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, tàbí kí pọ́ǹpù ti jóná lóòótọ́. Bí omi bá sì jáde tán ṣùgbọ́n tí agbọ̀n kò yí, fi asẹ́ àti rọ́bà sílẹ̀, kí o lọ tààrà sí ìdérí. Tèmi ń kùn. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn mí pé alátùn-únṣe yẹn yára sọ̀rọ̀, nítorí pọ́ǹpù tí ó jóná pátápátá kì í sábà kùn.

Wàyí o, yọ okùn iná ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Má ṣe rò pé ó tó láti pa á níbi bọ́tìnnì. Yọ ọ́ pátápátá, kí o sì fi okùn náà sí ibi tí omi kò ti lè dé bá a. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná ni o fi fọ aṣọ, jẹ́ kí ó tutù kí o tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, kó aṣọ jáde sínú agbada, kí o fi ìgò tàbí igbá gbọ́n omi inú agbọ̀n títí ọwọ́ rẹ kò fi ní í ká a mọ́. Ẹni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tí ó lọ tú asẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì kún, yóò rí i bí odò ṣe ń ṣàn nínú ilé.

Níbi tí o bá ti ń gbọ́n omi, kí omi díẹ̀ tó kù, dánwò kan wà tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Mú ẹnu rọ́bà ìdaminù kúrò nínú ihò àgbàrá, yọ rọ́bà náà kúrò níbi tí wọ́n fi kọ́ ọ sára ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí o sì tẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ sínú awo tí kò jìn. Omi máa ń ṣàn lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Bí omi bá ṣàn jáde wàràwàrà, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti inú agbọ̀n dé ẹnu rọ́bà. Pọ́ǹpù ni kò yí, tàbí kí ó jẹ́ pé ihò àgbàrá fúnra rẹ̀ ni ó dí. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó bí ẹni ń sunkún, nǹkan wà lójú ọ̀nà. Tèmi kán bí ìṣẹ́jú méjì, ó sì dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣì wà nínú agbọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀nà dí.

Asẹ́ ni ó kàn. Tẹ́ àkísà nípọn sílẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn péńpé náà, kí o sì ti awo pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ìwọ yóò rí ìdérí róbótó kan tí ó ní ìdìmú. Bí rọ́bà kékeré kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fà á jáde sínú awo, kí o yọ ẹnu rẹ̀, kí omi gba ibẹ̀ dà. Bí kò bá sí, di ìdérí asẹ́ mú, kí o yí i sí ọwọ́ òsì bí ẹni ń ṣí ìgò. Má ṣe yí i kíákíá. Yí i díẹ̀, jẹ́ kí omi dà kún awo, dì í padà, da omi nù, kí o tún ṣí i. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni. Èmi da awo mẹ́rin nù kí omi tó dá. Nígbà tí kò bá sí omi mọ́, tú u tán kí o sì fà á jáde gbọọrọ.

Bí asẹ́ kò bá gbà láti yí, má ṣe fi irin gbá a. Ó lè jẹ́ pé nǹkan há mọ́ ọn lára, bí a bá sì fi agbára yí i, ike rẹ̀ yóò kán sínú. Mì ín díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó sábà máa ń gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bá lára asẹ́ tèmi ni ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, tí ó ti wé mọ́ ọn bí ewé ṣe ń wé ẹ̀kọ, abẹ́rẹ́ irun méjì, bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé kan, àti èéfọ́n òwú tí ó ti le bí ìdọ̀tí inú ọpọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ kékeré a máa yọ́ gba àlàfo tí ó wà láàrin agbọ̀n àti ara ẹ̀rọ kọjá, yóò sì bọ́ sísàlẹ̀. Mo fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ asẹ́ náà títí gbogbo ojú rẹ̀ fi ṣí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá ọwọ́ dúró níbí, wọn a sì dá asẹ́ padà. Kò tíì tán. Tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí asẹ́ ti jáde. Ní òpin ihò náà, ìwọ yóò rí abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù. Wo bóyá irun tàbí òwú wé mọ́ ọn, kí o sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìka ọwọ́ ti apá rẹ̀ kan. Ṣọ́ra, nítorí abẹ́rẹ́ tàbí àfọ́kù lè wà níbẹ̀. Ní ibí yìí ni àwọn aláìmọ̀kan ti máa ń ṣe àṣìṣe: nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, abẹ̀bẹ̀ náà kì í yí geere. Ó máa ń yí, a dúró, a tún fò síwájú, bí ẹni pé nǹkan ń fà á sẹ́yìn. Èyí kì í ṣe àrùn. Irin òòfà ni ó wà nínú rẹ̀, òòfà yẹn ni ó ń fà á. Ohun tí ó yẹ kí ó bà ọ́ nínú jẹ́ ni bí kò bá yí rárá lẹ́yìn tí o ti yọ ìdọ̀tí, tàbí tí apá rẹ̀ kán, tàbí tí ó ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ nínú ihò. Nígbà náà ni pọ́ǹpù bàjẹ́ ní tòótọ́.

Dá asẹ́ padà, rí i pé rọ́bà róbótó tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká mọ́, kò sì yẹ̀, kí o yí i sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi le. Kí o tó tan iná, bu omi bíi lítà méjì sínú agbọ̀n, kí o sì wo ìdí asẹ́. Bí ó bá ń jò, tú u kí o tún un ṣe. Ti ilé mi kò jò. Mo ki okùn iná bọ ara ògiri, mo yí bọ́tìnnì, omi náà sì tú jáde láàrin ìṣẹ́jú kan. Inú wa dùn. A ti ẹ̀rọ padà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, a kó aṣọ sí i padà, a sì ní kí ó ṣan wọ́n. Ó pọn omi, ó ṣan aṣọ. Nígbà tí ó kan kí ó da omi nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe rò pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ já sí asán. Bi ara rẹ léèrè pé kí ni ó yàtọ̀ láàrin ìgbà tí ó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí ó kọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a ṣe: a ti ẹ̀rọ sẹ́yìn. Mo yọ okùn iná, mo sì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Rọ́bà ìdaminù ti ká sí méjì láàrin ẹ̀rọ àti ògiri, bí ọ̀nà ọ̀fun tí a fún pọ̀. A fa ẹ̀rọ síwájú bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, rọ́bà nà, omi sì jáde.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí o wò lára rọ́bà. Èkíní ni ìrìn rẹ̀: kò gbọdọ̀ ká, ẹrù kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni gíga ibi tí a gbé e kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìwé a máa ní kí ibi tí ó ga jù lọ lára rọ́bà wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 láti ilẹ̀. Bí a bá gbé e gba ojú fèrèsé gíga kọjá, agbára pọ́ǹpù kékeré lè má gbé omi dé òkè. Bí a bá sì jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi yóò máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń pọn ọ́n. Yóò máa pọn, yóò máa dà, kò sì ní í kún láéláé. Ẹ̀kẹta ni ẹnu rẹ̀. Má ṣe kì í bọ inú páìpù àgbàrá ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, má sì ṣe fi àkísà dí àyíká rẹ̀ pinpin. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rí ààyè gbà.

Bí rọ́bà kò bá ká, tí gíga rẹ̀ sì dára, inú rẹ̀ lè dí. Yọ okùn iná, kí o fi ẹ̀mú tú irin tí ó dè é mọ́ ara ẹ̀rọ bí ọwọ́ rẹ bá tó o, gbé rọ́bà náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kí o jẹ́ kí omi sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí ó bá tẹ̀ kọdọrọ ni èéfọ́n òwú àti ọṣẹ ti máa ń dì. Dán àgbàrá náà wò pẹ̀lú: da omi garawa kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi bá padà rú sókè, ẹ̀rọ rẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan; ẹni tí ń tún páìpù ṣe ni kí o pè.

Omi ilé mi ti lọ tán wàyí, agbọ̀n ṣófo fún omi, ṣùgbọ́n aṣọ ṣì tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, agbọ̀n kò sì yí. Mo ti sọ fún ọ ṣáájú pé bí omi bá jáde tí agbọ̀n kò sì yí, ìdérí ni kí o wò. Súìṣì kan wà lábẹ́ ibi tí ìdérí ń sùn lé. Nínú irú ẹ̀rọ tèmi, ahọ́n ike kékeré kan wà lára ìdérí. Bí a bá dé e, ahọ́n náà a wọ inú ihò kan, a sì tẹ súìṣì. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ yóò gbà pé ìdérí ti dé, tí yóò sì fún aṣọ. Bí kò bá rí ẹ̀rí yìí, kò ní í yí, ohun yòówù kí o ṣe.

Ṣùgbọ́n má ṣe dá súìṣì lẹ́bi kí o tó mọ bí agbọ̀n ṣe kọ̀. Bí agbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí ẹ̀rọ wá ń gbá gìdìgìdì, tí ó sì dúró, aṣọ ni ó wọ́ jọ sí apá kan. Aṣọ ìbora nìkan lè fa èyí, nítorí ó máa ń mu omi, a sì ká jọ bí òkìtì. Dá ẹ̀rọ dúró, tú aṣọ ká yípo, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Bí agbọ̀n kò bá tilẹ̀ gbìyànjú àtiyí, súìṣì ni kí o fura sí. Tèmi kò gbìyànjú.

Yíyẹ súìṣì wò rọrùn. Yọ okùn iná. Ṣí ìdérí, kí o sì dé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí o fi etí sí igun tí ahọ́n ń wọ̀. Nínú èyí tí ahọ́n ń tẹ̀, ó yẹ kí o gbọ́ “kẹ́” nígbà kọ̀ọ̀kan. (Òmíràn ń lo òòfà dípò ahọ́n, irú èyí kì í dún.) Wo ahọ́n náà bóyá ó ti ṣẹ́ tàbí ó ti yẹ̀. Wo ihò tí ó ń wọ̀. Ti ilé mi kò dún. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí i pé ọṣẹ lúbúlúbú tí àwọn ọmọ máa ń da sílẹ̀ níbẹ̀ ti dì mọ́ ihò náà bí èèkù, ahọ́n kò sì lè wọlé tó láti tẹ súìṣì. Mo fi igi tín-ínrín họ ọ́, mo fi àkísà tí mo rẹ sínú omi tí mo sì fún gbẹ nù ún, mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó gbẹ fún wákàtí kan. Mo tún ìdérí dé: “kẹ́”. Mo ki okùn iná bọ ògiri, agbọ̀n sì yí bírí.

Bí ihò bá mọ́, tí ahọ́n sì pé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò yí síbẹ̀, súìṣì náà lè ti bàjẹ́ nínú. Alátùn-únṣe yóò fi ẹ̀rọ ìwọnná wò ó nígbà tí a ti yọ okùn iná: bí súìṣì oníwáyà méjì bá dára, iná lè gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sì lè kọjá nígbà tí a bá fi í sílẹ̀. Súìṣì kì í sábà wọ́n tó pọ́ǹpù. Ohun tí o kò gbọdọ̀ gbà ni kí ẹnikẹ́ni so wáyà méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa yí láìdé ìdérí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣí láti òkè, agbọ̀n ń yí ju ẹgbẹ̀ta ìgbà (600) lọ láàrin ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó bá ń fún aṣọ. Ọmọ tí ó bá na ọwọ́ mú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí ń yí níbẹ̀, aṣọ náà lè wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì kán an. Nítorí ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ṣe fi súìṣì yẹn síbẹ̀.

Ibi tí agbára wa mọ nìyí. Bí o bá gbọ́ òórùn jíjó, tí iná ilé ń kú nígbàkúgbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀, tí ara ẹ̀rọ ń gbọn ọ́ níwárìrì nígbà tí o bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí omi ń jò láti abẹ́ rẹ̀, yọ okùn iná kí o sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Bákan náà ni bí asẹ́, rọ́bà àti àgbàrá bá mọ́, tí abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù ń yí lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n tí omi kò jáde. Tàbí tí omi ń jáde, tí ìdérí ń dún “kẹ́”, ṣùgbọ́n tí agbọ̀n kò yí. Ó lè jẹ́ bẹ́líìtì tí ń yí agbọ̀n ni ó já, tàbí mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá pè é, ìwọ yóò lè sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti wo asẹ́, mo ti wo rọ́bà, ìdérí sì ń dún.” Ẹni tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í ta pọ́ǹpù fún ọ láìbẹ̀rẹ̀ wò ẹ̀rọ.

Nígbà tí alátùn-únṣe wa padà dé ní ọjọ́ kejì, aṣọ ilé-ìwé ti gbẹ lórí okùn. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, rọ́bà tí ó ká, àti ọṣẹ tí ó dì sínú ihò ni gbogbo àrùn náà. Láti ìgbà náà, mo ń tú asẹ́ náà fọ̀ ní oṣù méjì méjì, inú àpò kékeré alásẹ́ ni a sì ń kó ìbọ̀sẹ̀ sí kí a tó jù ú sínú ẹ̀rọ.

Àkíyèsí

Ṣàkíyèsí pé àròkọ yìí kò ka asẹ́, rọ́bà àti ìdérí lásán bí ẹni ń ka ọjà. Ohun tí a gbọ́ tàbí tí a rí ní ìgbésẹ̀ kan ni ó sọ ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé a sọ pé kí a yọ okùn iná kí a tó tú nǹkan, a kò sì fi sí ìparí.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ń pọn omi láìdáwọ́ dúró, kò sì kún. Apá wo lára rọ́bà ìdaminù ni kí a kọ́kọ́ wò? Sọ ìdí rẹ̀.
2. Àbúrò rẹ sọ pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́ nítorí pé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò yí geere. Kọ ìpínrọ̀ kan láti fi là á lọ́yẹ̀.
3. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí agbọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀ kì í yí bí omi tilẹ̀ ń jáde, kí o sì ṣàlàyé ohun tí yóò wò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.